Nígbà Tí A Bá Fẹ̀sùn Kan Mítà Omi Pé Ó Ń Kà Jù: Ohun Tí Ìṣàn Tẹ́ẹ́rẹ́ Ń Fi Hàn

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí ilé wọn wà ní àdúgbò Bàsírì ní Adó-Èkìtì, gba ìwé owó omi kan tó bí wọn nínú gidigidi. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, mítà ilé wọn kì í kà ju nǹkan bíi lítà 12,000 lọ lóṣù. Nígbà tó yá, wọ́n pààrọ̀ mítà náà nítorí pé ó ti gbó, oṣù kìíní tí tuntun sì lò níbẹ̀, lítà 22,000 ni ó kà. Oṣù kejì kò yàtọ̀. Kò sí àlejò tó wọlé, kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ nínú ilé, ọgbà ẹ̀yìnkùlé sì wà bó ṣe wà.

Nígbà tí mo débẹ̀ láti yẹ mítà náà wò, Ìyá sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, èmi fúnra mi ni mo ń ṣí ẹ̀rọ omi nílé yìí, mo mọ iye tí à ń lò. Irọ́ ni mítà yìí ń pa.” Mo ní, “Ẹ má bínú, Mà. A ó tú u, a ó sì wọ̀n ọ́n lójú yín.”

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó gba irú ìlérí yìí ni èsì àyẹ̀wò máa ń rú lójú nígbà tí wọ́n bá kó o fún wọn, pàápàá apá tó jẹ mọ́ omi tó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Apá yẹn gan-an ni ó sì máa ń yanjú ọ̀rọ̀.

Kí ni mítà omi ń kà, kí sì ni kíkà jù?

Nínú irú mítà tó wọ́pọ̀ ní àwọn ilé wa, kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà tí abẹ̀bẹ̀ yí ká. Omi a gba ojú ihò wọlé, a ta lu abẹ̀bẹ̀ náà, kẹ̀kẹ́ a sì yí. Eyín kéékèèké ló ń gbé yíyí náà lọ sókè síbi tí àwọn nọ́ńbà wà. Mítà kò rí omi rárá. Iye ìgbà tí kẹ̀kẹ́ yí ni ó ń kà, ẹni tó ṣe mítà náà ló sì ti ṣírò iye omi tó yẹ kó bá yíyí kọ̀ọ̀kan rìn. Ó dà bí ọmọdé tí a ní kó dúró ti ìyá tó ń wọn gàrí lọ́jà, kí ó máa ka kóńgò. Iye kóńgò ni ọmọ náà mọ̀, kò mọ̀ bóyá kóńgò kọ̀ọ̀kan kún dé ẹnu.

Mítà ń kà jù nígbà tí nọ́ńbà tó kọ bá ju omi tó gba inú rẹ̀ kọjá lọ. Bí lítà 100 bá kọjá, tí mítà kọ 104, ó fi ìdá 4 nínú 100 kà jù. Bí ó bá kọ 96, ó fi ìdá 4 nínú 100 kà dín. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi sọ́kàn ni pé omi tó jò dànù lẹ́yìn mítà ti gba inú mítà kọjá ná. Ìdílé kò jèrè omi náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mítà tó kà á kò kà jù.

Kí ni àwọn àmì ojú mítà ń sọ?

Lójú mítà Ìyá, wọ́n kọ Q3 2.5 àti R80 síbẹ̀. Q3 ni ìṣàn tí a ṣe mítà náà láti máa gbà lójoojúmọ́ láìsí ìnira: 2.5 dúró fún lítà 2,500 láàárín wákàtí kan, nítorí pé m³ kan tí à ń rí lójú mítà jẹ́ lítà 1,000. Bí a bá pín 2,500 sí ọ̀nà 80 tí R80 ń tọ́ka sí, a ó rí 31.25. Lítà 31.25 láàárín wákàtí kan ni ìṣàn tó kéré jù lọ tí ẹni tó ṣe mítà náà fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, Q1 sì ni orúkọ rẹ̀. Láti mọ bó ti kéré tó, ẹ fojú inú wo kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí yóò gba ìṣẹ́jú 48 kí ó tó kún. Q2 ga ju Q1 lọ díẹ̀, ìlọ́po 1.6 rẹ̀ ni. Ní ti mítà yìí, lítà 50 láàárín wákàtí kan.

Ìlànà àgbáyé tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ ISO 4064 pààlà fún àṣìṣe mítà tuntun tí omi tútù ń gbà kọjá. Láti Q2 lọ sókè, àṣìṣe náà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 lọ, ì báà jẹ́ ní kíkà jù tàbí ní kíkà dín. Láàárín Q1 sí Q2, ó gba ìdá 5 láyè. Àwọn orílẹ̀-èdè kan máa ń sọ ààlà wọ̀nyí di ìlọ́po méjì fún mítà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n nítorí pé oṣù méjì péré ni mítà Ìyá lò, ààlà tó le jù ni mo fi dá a lẹ́jọ́. Nísàlẹ̀ Q1, kò sí ìlérí kankan. Omi lè ṣàn níbẹ̀ kí mítà kà á, ó sì lè ṣàn kí mítà má mì.

Kí ló dé tí ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ fi ń ṣòro fún mítà?

Kẹ̀kẹ́ inú mítà fúyẹ́, síbẹ̀ ó ní ìwúwo, ibi tó jókòó lé sì ń dì í mú díẹ̀. Ẹ wo bárò tí a di iṣu kún. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó lè máa tì í títí, kó má sún rárá; bí agbára náà bá wá ju ìwúwo náà lọ díẹ̀, yóò sún, ṣùgbọ́n tìkọ̀tìkọ̀ ni yóò máa lọ. Bákan náà ni omi tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ń gba ẹ̀gbẹ́ abẹ̀bẹ̀ kọjá láìyí i. Bí mítà bá sì ń gbó, tí ibi ìjókòó kẹ̀kẹ́ ń jẹ, tí ìdọ̀tí ń lẹ̀ mọ́ ọn, ìṣàn tó lè jí i á máa ga sí i. Nítorí náà, ní ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́, ogbó mítà sábà máa ń dín kíkà rẹ̀ kù ni, kì í fi kún un.

Èyí kò túmọ̀ sí pé mítà kì í kà jù. Èyí tí mo sábà máa ń rí ni ti yanrìn àti ìpẹ́pẹ́ ìpàtà páìpù tó há sí àwọn ihò tí omi ń gbà wọlé. Ọmọdé tó bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà omi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: omi tó kù a máa ta jìnnà. Bí ihò bá kéré sí i nínú mítà, omi a yára ta lu abẹ̀bẹ̀, kẹ̀kẹ́ a yí ju bó ṣe yẹ lọ, nọ́ńbà a sì sáré. Irú àṣìṣe yìí máa ń hàn ketekete ní ìṣàn ńlá pẹ̀lú. Mítà tó bá péye ní ìṣàn ńlá, tí ihò inú rẹ̀ sì mọ́, ó ṣòro púpọ̀ kí ó tó lè sọ omi ilé kan di ìlọ́po méjì.

Kí ni kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí mítà tó dé orí tábìlì àyẹ̀wò?

Ibí yìí ni ẹjọ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́. Púlọ́ńbà á tú mítà, á gbọ̀n ọ́n, á fi omi fọ̀ ọ́ nítorí pé ó dọ̀tí, á wá kó o wá fún àyẹ̀wò. Bí yanrìn tó ń mú un kà jù bá wà nínú rẹ̀, ó ti dà á nù, kò sì sí ẹni tó lè fi í hàn mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ó fi sínú oòrùn kó gbẹ, ìdọ̀tí tó ti rọ̀ nínú omi á gan mọ́ kẹ̀kẹ́, mítà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà dín ní ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lára ògiri.

Fún mítà Ìyá, a kọ nọ́ńbà ojú rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn, a ya fọ́tò èdìdì tó wà lára rẹ̀, a tú u, a fi ìdérí dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì kí omi inú rẹ̀ má ṣàn jáde, a sì gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Mo tún wò bóyá bí wọ́n ṣe gbé e sí tẹ́jú, nítorí pé mítà irú èyí tí a bá gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ máa ń fi ara nu ibi ìjókòó rẹ̀ lódì, ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì kọ́kọ́ máa ń jìyà rẹ̀. Ó tẹ́jú dáadáa.

Báwo ni a ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Ìlànà náà rọrùn láti sọ: a ó jẹ́ kí omi gba inú mítà kọjá sínú ohun èlò kan lórí òṣùwọ̀n, a ó wo iye tí mítà kọ, a ó wo iye tí òṣùwọ̀n sọ, a ó sì fi wọ́n wé ara wọn. Lítà omi kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kílógíráàmù kan, àmọ́ nínú ooru yàrá tó tó ìwọ̀n 27 °C, nǹkan bíi gíráàmù 996 ni ó ń wọ̀n, a sì gbọ́dọ̀ ṣe ìyẹn mọ́ ìṣirò. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a ó rọra fi omi kún mítà títí atẹ́gùn inú rẹ̀ á fi tán, a ó sì ti ẹnu ọ̀nà àbájáde pa láti rí i pé páìpù ara tábìlì àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ kò jò. Ní ìṣàn ńlá, ẹ̀kán omi díẹ̀ tó jò kò lè yí èsì padà, ṣùgbọ́n ní ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́, jíjò ìṣẹ́jú díẹ̀ lè sọ mítà rere di arúfin.

Ohun kejì tó ń ba ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ ni ìkánjú. Ọwọ́ aago tó kéré jù lójú mítà Ìyá ń yí lẹ́ẹ̀kan fún lítà kan, ó sì ní ìlà mẹ́wàá, kí á sọ pé ìdá mẹ́wàá lítà ni àlàfo kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ojú rẹ̀ dára lè mọ ìdajì àlàfo kan. Nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń ka ojú mítà, níbẹ̀rẹ̀ àti nígbẹ̀yìn, àṣìṣe ojú lásán lè tó lítà 0.1. Bí lítà 2 péré ni a bá jẹ́ kó kọjá, 0.1 yẹn ti jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ìyẹn gbogbo ààlà tí òfin gbà láyè. Bí ó bá jẹ́ lítà 10, ó di ìdá kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá sọ pé òun fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹ mítà wò ní Q1 kò tíì yẹ nǹkan kan wò. Lítà 10 ní ìṣàn yẹn ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 19, ó sì yẹ kí a ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Láti ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ pé ẹjọ́ kíkà jù ni, nítorí pé omi ńlá lè fọ ohun tó há sínú mítà dànù kí n tó rí i.

Kí ni èsì mítà Ìyá?

Ìyá bá wa débẹ̀, wọ́n jókòó lórí àga, wọ́n mú gíláàsì ojú wọn dání. Ní lítà 32 fún wákàtí, òṣùwọ̀n sọ pé lítà 10 ló kọjá, mítà kọ 10.3. Wọ́n yára wò mí. “Ṣé ẹ rí i? Ó kà jù!” Òótọ́ ni wọ́n sọ: ìdá 3 nínú 100 ló fi kà jù, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì tí a ṣe é, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n ààlà ibẹ̀ jẹ́ ìdá 5. Ní lítà 50 fún wákàtí, lítà 20 kọjá, mítà kọ 20.3, ìyẹn ìdá 1.5. Ní lítà 2,500 fún wákàtí, lítà 100 kọjá láàárín ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ó dín díẹ̀, mítà kọ 100.8. Mítà náà yege ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí a ṣí i lẹ́yìn èyí, ihò inú rẹ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò máa ń parí síbí yìí. Wọ́n á kó ìwé fún ẹni tó mẹ́jọ́ wá pé mítà rẹ̀ dára, òun náà á sì lọ sílé pẹ̀lú ìbínú, nítorí pé lítà 10,000 tó lé sí ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ láìní àlàyé. Mo rò pé kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Kódà bí a bá ní gbogbo omi inú oṣù náà gba inú mítà ní ìṣàn tó fi ìdá 3 kà jù, nínú lítà 22,000, nǹkan bíi 640 péré ni àkàjù náà lè dá. Níbo ni èyí tó kù ti wá?

Ibo ni lítà 10,000 ti wá?

Mo pín 10,000 sí wákàtí 720 tó wà nínú ọgbọ̀n ọjọ́. Ó fún mi ní lítà 14 ó dín díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà yìí kéré ju ìdajì Q1 lọ. Bí omi kan bá ń ṣàn bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru, kò sí mítà irú èyí tí ìlànà fi ipá mú láti kà á, àmọ́ mítà tuntun tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì fúyẹ́ lè kà á.

Nítorí náà mo ṣe ìdánwò kan tí kò sí nínú ìlànà. Mo dín ìṣàn kù sí lítà 16 fún wákàtí, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lítà 8 wà lórí òṣùwọ̀n, mítà kọ 7. Ìyẹn ni pé, ní ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, mítà tí a fẹ̀sùn kàn pé ó ń kà jù ń kà dín ní nǹkan bí ìdá 12 ààbọ̀ nínú 100. Lítà 16 tó ń lọ ní wákàtí kan, 14 ni ó ń kọ, bó sì ṣe rí nínú ìwé owó nìyẹn gan-an. Mítà àtijọ́ ṣì wà nípamọ́, mo gbé òun náà sórí tábìlì. Ní lítà 16, kò mì. Ìgbà tí ìṣàn tó lítà 60 fún wákàtí ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Gbogbo rẹ̀ wá yé Ìyá láìjẹ́ pé mo tún sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní, “Àbí omi náà ti ń lọ tipẹ́, mítà àtijọ́ kò kàn rí i ni?” Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.

Nígbà tí a dá mítà náà padà sí ilé, a ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, a sì wo àmì onígun mẹ́ta kékeré tó wà lójú rẹ̀. Àmì yẹn ló máa ń kọ́kọ́ yí bí omi bá ń lọ. Ó ń rọra yí. Nínú ilé yìí, páìpù ìgboro ló ń bọ́ táńkì ilé ìyàgbẹ́ tààrà, omi ẹ̀rọ kì í sì í sábà dá ládùúgbò náà lásìkò yẹn. A ti fáàfù tó wà lẹ́yìn táńkì ilé ìyàgbẹ́ pa, àmì náà dúró. A tún ṣí i, mo da búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ díẹ̀ sínú táńkì náà, kò sì sẹ́ni tó fọ ìgbẹ́ fún ìdajì wákàtí. Nígbà tí a padà wò, omi inú àwo ìsàlẹ̀ ti di aró. Rọ́bà tó ń dí ìsàlẹ̀ táńkì ti le, kò jókòó dáadáa mọ́, omi sì ń gba abẹ́ rẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin lítà ní ìṣẹ́jú kan, láìpariwo rárá. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà náà. Oṣù tó tẹ̀ lé e, mítà kan náà ka lítà 12,500.

Kí ni tábìlì àyẹ̀wò kò lè rí?

Ohun kan ṣì wà tí mo máa ń sọ fún àwọn tí omi ń dá fún ọjọ́ mélòó kan kó tó tún dé, ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì sì mọ̀ bó ṣe ń rí. Nígbà tí omi bá lọ, atẹ́gùn a wọ inú páìpù. Bí omi bá tún ń bọ̀, a máa ti atẹ́gùn náà síwájú, atẹ́gùn náà a sáré gba inú mítà, abẹ̀bẹ̀ a sì yí gẹ́gẹ́ bí ẹni pé omi ló ń kọjá. Lórí tábìlì, níbi tí a ti lé gbogbo atẹ́gùn jáde kí a tó bẹ̀rẹ̀, mítà náà á péye pátápátá. Ìwé tó sọ pé mítà dára kò tíì dá ẹni tó mẹ́jọ́ irú èyí wá lẹ́bi.

Láti mọ̀ ọ́n, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 sábẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo nígbà tí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, ẹ ti àwọn yòókù pa, kí ẹnì kan sì ka ojú mítà kí ẹ tó ṣí i àti nígbà tí kẹ́ẹ̀gì bá kún. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí kan, nígbà tí omi bá ti ń dún bákan náà láìtutọ́. Bí mítà bá kọ 31 lákọ̀ọ́kọ́, tí ó sì kọ 25 lẹ́ẹ̀kejì, ara mítà dá. Atẹ́gùn ni ó kà. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ sì mú un lọ pẹ̀lú ẹjọ́ yín, nítorí pé fáàfù tó ń tú atẹ́gùn sílẹ̀ kí ó tó dé mítà ni ilé bẹ́ẹ̀ nílò, pípààrọ̀ mítà kò lè tán ìṣòro náà.